Ariwo Jẹnẹrétọ̀ Aládùúgbò: Ìgbà Wo Ló Di Ẹjọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin, àti gbogbo ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ wá jókòó tì wá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo, ìgbà wo ni adájọ́ yóò sọ pé ó ti kọjá ohun tó yẹ kéèyàn mú mọ́ra? Nínú òfin tọ́ọ̀tì, ìyẹn òfin lórí ìpalára tí ẹnìkan ṣe fún ẹnìkejì, ẹ̀ṣẹ̀ yìí là ń pè ní ìyọlẹ́nu: kí ẹnìkan máa lo ilé tàbí ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́nà tí kò jẹ́ kí ẹnìkejì gbádùn tirẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí àríyànjiyàn láàárín akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Àṣàkẹ́ àti Àkànbí. Àròsọ ni àwọn méjèèjì, fún ìdánrawò. Àkànbí ti lo ọdún kan jù ú lọ ní ẹ̀ka òfin, ìdí nìyẹn tí Àṣàkẹ́ fi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Àṣàkẹ́ ló ń gbẹjọ́ rò fún olùpẹjọ́, Àkànbí ń gbè sẹ́yìn olùjẹ́jọ́. Màá máa dá wọn dúró níbi tí ìrònú wọn bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí níbẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní àdúgbò kan ní Aṣerò, tíṣà obìnrin kan háyà ilé oníyàrá méjì. Ìyá Ẹlẹ́ja ló ni ilé tó kàn án. Ó ń ta ẹja tútù níwájú ilé, ó sì ní fírísà ńlá méjì. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, oníbẹntiróòlù tó lágbára tó 3.5 kVA, wà ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mítà 3 sí fèrèsé yàrá tí tíṣà ń sùn. Bí wọn ò bá mú iná wá, ó máa ń tàn án láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti rí bẹ́ẹ̀, bí òru mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti jò. Tíṣà ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kọ lẹ́tà kan sí i.

Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

ÀṢÀKẸ́: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, tíṣà ò rí oorun sùn, ìyọlẹ́nu ni. Kí Ìyá Ẹlẹ́ja sanwó.

ÀKÀNBÍ: Ó yá ọ lẹ́nu jù. Inú bí tíṣà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni inú kì í bí sí aládùúgbò? Mọ́sálásí ń pe ìrun, ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìṣọ́ òru, ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Ṣé gbogbo wọn la ó kó lọ sí kóòtù?

Àkànbí ló jàre níbí yìí. Àṣàkẹ́ fò láti orí ìbínú bọ́ sórí ẹ̀bi, kò sì fi ohunkóhun sáàárín. Òfin kò béèrè bóyá ariwo wà tàbí bóyá ó bí ẹnìkan nínú. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ìdíwọ́ náà pọ̀ débi pé ẹni tó jẹ́ èèyàn ṣákálá, tí kì í ṣe aláfẹ́ tàbí ẹlẹgẹ́, kò lè gbé ilé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Láti ọdún 1851 ni ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Walter àti Selfe, lórí èéfín àwọn tó ń sun bíríkì. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de àwọn adájọ́ wa lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n inú òfin tí a jogún lọ́dọ̀ wọn ni tọ́ọ̀tì wa ti hù, àwọn adájọ́ wa sì máa ń tẹ́tí sí i.

ÀṢÀKẸ́: Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún un gbé. Wákàtí mẹ́sàn-án lóru kan, òru mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún oṣù márùn-ún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ìnáwó kan ṣẹlẹ̀ lálẹ́ Sátidé kan. Oorun ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, oorun kì í sì í ṣe nǹkan afẹ́. Ní 1970, nínú ẹjọ́ Abiọla àti Ijeoma, ilé ẹjọ́ ní Èkó dá olùpẹjọ́ láre lórí ariwo àti òórùn adìyẹ tí aládùúgbò rẹ̀ ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé ní Súrùlérè. Ariwo àfẹ̀mọ́júmọ́ tí kò jẹ́ kó sùn wà nínú ohun tó ṣàròyé lé lórí. Bí ti adìyẹ bá jẹ́ ẹ̀bi, ti ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

Ẹ wo bó ṣe yí padà. Ó ti ka iye wákàtí àti iye òru, ó sọ ohun tí ariwo náà gbà lọ́wọ́ tíṣà, ó sì mú ẹjọ́ orílẹ̀-èdè wa kan tó jọ ọ́ wá. Ibi tó kù sí ni pé kò tíì sọ bí ariwo náà ṣe tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, pé "ó ń pariwo gan-an", kò ṣe adájọ́ láǹfààní. Àkànbí náà rí àyè yẹn.

ÀKÀNBÍ: Báwo lo ṣe mọ̀ pé ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyá Ẹlẹ́ja lè sọ pé òun alára ń sùn nínú ilé kan náà, kò sì dí òun lọ́wọ́.

ÀṢÀKẸ́: Tíṣà fi fóònù wọ̀n ọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó jẹ́ dẹ̀síbẹ̀lì 62 nígbà tí fèrèsé ṣí, ó sì jẹ́ 48 nígbà tó tì í. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, ti ọdún 2009, tí àjọ NESREA ń mójú tó, fi 50 sílẹ̀ fún ilé gbígbé lọ́sàn-án, 35 lóru. Aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń pè ní òru.

ÀKÀNBÍ: Nígbà tó ti fèrèsé ńkọ́? 48 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Kó ti fèrèsé.

ÀṢÀKẸ́: Nínú ooru oṣù kẹta l'Abẹ́òkúta, láàárín àpáta, tí kò síná tí fáànù máa fi ṣiṣẹ́! Ẹ̀gbọ́n, èèyàn ṣákálá níhìn-ín ń ṣí fèrèsé sùn. Bí wọ́n bá ní kó tì í, wọ́n ti gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oorun.

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́. Bí a ṣe ń gbé níhìn-ín ló fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbé ní ibi òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú iye tó dárúkọ. Ohun tí fóònù bá sọ lè fi dẹ̀síbẹ̀lì mélòó kan yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, nítorí ẹnikẹ́ni kò yẹ makirofóònù rẹ̀ wò. Ó dára fún fífi han pé ìyàtọ̀ wà láàárín ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó dákẹ́, nítorí náà ẹ máa wọn méjèèjì. Bí ẹjọ́ bá máa le, ẹ gba ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ariwo tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Èkejì ni pé rírú ìlànà ìjọba kò sọ ọ́ di ìyọlẹ́nu fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni pípa á mọ́ kò wẹ olùjẹ́jọ́ mọ́. Ẹ̀rí ló jẹ́ fún adájọ́ nípa ohun tí ìlú kà sí ariwo tó bójú mu.

Ẹ̀rí tó wúlò ju fóònù lọ ni ìwé àkọsílẹ̀. Kí tíṣà kọ ọjọ́, aago tí wọ́n tan án, aago tí wọ́n pa á, àti ohun tí ariwo náà ṣe sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó máa kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Èyí tí a jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ tí lọ́yà sọ pé ká mú un wá máa ń tú bí agbẹjọ́rò ẹ̀gbẹ́ kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Kí aládùúgbò mìíràn tó ń gbọ́ ọ náà wá jẹ́rìí, nítorí ìyẹn ló ń dáhùn ẹ̀sùn pé ẹlẹgẹ́ ni tíṣà.

Wàyí o, Àkànbí lọ sí ibi tó lágbára jù fún un.

ÀKÀNBÍ: Àdúgbò wo là ń sọ? Ní 1879, nínú ẹjọ́ Sturges àti Bridgman, wọ́n sọ pé ohun tó jẹ́ ìyọlẹ́nu ní àdúgbò àwọn ọlọ́lá lè máà jẹ́ ìyọlẹ́nu ní àdúgbò àwọn oníṣẹ́ awọ. Aṣerò kì í ṣe GRA Ìbàrà. Gbogbo ilé ló ní jẹnẹrétọ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ní kékeré tí wọ́n ń pè ní ai-bẹ́tà-pàsì-máí-nébọ̀.

ÀṢÀKẸ́: Pé gbogbo ilé ní jẹnẹrétọ̀ kò túmọ̀ sí pé gbogbo ilé ń tan án di aago márùn-ún ìdájí. Ti tíṣà ń kú láago mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí àdúgbò náà ń ṣe lóru, kì í ṣe ohun tó ní.

ÀKÀNBÍ: Ìyá Ẹlẹ́ja ti wà níbẹ̀ kí tíṣà tó kó dé. Ó rí i kó tó háyà ilé.

ÀṢÀKẸ́: Ẹjọ́ Sturges kan náà tí ẹ mú wá ló fọ ìyẹn. Aṣedídùn ti ń fi odó gún nǹkan ní ilé rẹ̀ lọ́jọ́ pípẹ́ kí dókítà tó kọ́ yàrá ìtọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dókítà ló jàre. Wíwá tí èèyàn wá bá ìyọlẹ́nu kì í ṣe àwíjàre.

Àṣàkẹ́ dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ṣèèṣì mú yín rò pé àdúgbò kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀, kìkì pé ó ní ibi tó mọ. Bí ìnira bá jẹ́ ti ara tàbí ti oorun, àdúgbò wà lórí ìwọ̀n. Bí ìbàjẹ́ bá hàn sí ilé fúnra rẹ̀, bíi kí ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì la ògiri, kò sí pé àdúgbò ríri tàbí àdúgbò tó mọ́: ẹjọ́ Tipping ti 1865 ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ẹjọ́ tiwa, oorun ni ọ̀rọ̀ wà lórí, nítorí náà Àkànbí ní ẹ̀tọ́ láti mú Aṣerò wá sórí ìwọ̀n. Ohun tó ṣubú lé e lórí ni pé àkókò náà wà lórí ìwọ̀n kan náà. Ká ní aago méjì ọ̀sán ni, ní etí ọjà Pánṣẹ́kẹ́, mi ò rò pé Àṣàkẹ́ yóò borí.

ÀKÀNBÍ: Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni obìnrin yìí ń ṣe. Kò ṣe é láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Jẹnẹrétọ̀ tuntun ló rà, ó ń yí ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Bí ẹja bá yọ́, gbèsè ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣọ́ra tó báyìí, kí ló tún kù?

Níbí, Àkànbí ti kó tọ́ọ̀tì méjì pọ̀. Ìṣọ́ra wà fún ẹ̀ṣẹ̀ àìbìkítà. Nínú ìyọlẹ́nu, ohun tí wọ́n ń wò ni bí ara ṣe ń ni ẹni tó ń gbà á. Ní 1893, nínú ẹjọ́ Rapier, ilé iṣẹ́ kan ní ilé ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ ojú irin ìgboro, òórùn wọn sì ń da àwọn aládùúgbò láàmú. Ilé ẹjọ́ sọ pé bí wọn kò bá lè kó ẹṣin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jọ láìṣe ìyọlẹ́nu, bí wọ́n tilẹ̀ ṣọ́ra, a jẹ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kó wọn jọ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣọ́ra kò gba olùjẹ́jọ́ là. Ṣùgbọ́n àìṣọ́ra lè rì í, nítorí ó ń fi hàn pé ìnira náà kò pọn dandan. Ẹ wo bí Àṣàkẹ́ ṣe lò ó.

ÀṢÀKẸ́: Ẹ ní ó ṣọ́ra. Sàlẹ́ńsà tó jò ńkọ́? Bó ti pàrọ̀ ọ́ìlì yẹn, kò pàrọ̀ sàlẹ́ńsà. Ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ògiri ti ń dá ariwo padà sí fèrèsé tíṣà. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gùn. Bó bá gbé e láti mítà 3 lọ sí mítà 12, kí ló máa ná an ju wáyà gígùn tó nípọn dáadáa lọ?

ÀKÀNBÍ: Ìyẹn máa dín in kù báwo?

ÀṢÀKẸ́: Níta gbangba, bí ìjìnnà sí ẹ̀rọ bá di ìlọ́po méjì, ariwo máa ń fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 6 dínkù. Láti 3 sí 6 jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, láti 6 sí 12 jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì. 62 a di nǹkan bíi 50. Etí èèyàn sì máa ń gbọ́ 10 tó bá dínkù bí ìdajì ariwo ti tẹ́lẹ̀.

ÀKÀNBÍ: Ó ṣì ju 35 lọ.

ÀṢÀKẸ́: Ó jù ú lọ, àmọ́ kò tíì tún sàlẹ́ńsà ṣe. Ọ̀rọ̀ fírísà náà tún wà. Fírísà tó kún fọ́fọ́, tí wọn kò ṣí, lè mú nǹkan dì fún bíi wákàtí 48 láìsí iná. Èyí tó kún dé ìdajì á tó bíi wákàtí 24. Bó bá tan jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá, tó sì pa fírísà dé títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹja rẹ̀ kò ní yọ́.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí níbí ni ẹjọ́ náà ti yí. Títí di ìgbà yìí, ó dà bíi pé oorun tíṣà àti oúnjẹ Ìyá Ẹlẹ́ja ń bá ara wọn jà, kí adájọ́ sì yan ọ̀kan. Àṣàkẹ́ fi hàn pé wọn kò bá ara wọn jà. Nígbà tí àǹfààní tí olùjẹ́jọ́ ń wá bá ṣeé rí láìfi ìnira kan ẹlòmíràn, ìlò rẹ̀ kò bójú mu mọ́. Ìyẹn lágbára ju pípariwo pé oorun ṣe pàtàkì lọ. Síbẹ̀, ó ní láti fi ẹ̀rí gbè é. Àwọn iye fírísà yẹn wà fún èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé dáadáa, tí ohun inú rẹ̀ sì ti dì gbagidi. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti ya, tàbí bí oníbàárà bá ń mú kí wọ́n ṣí i títí alẹ́, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pe ẹni tó ń tún fírísà ṣe wá jẹ́rìí. Bákan náà ni dẹ̀síbẹ̀lì: láàárín ògiri méjì, ariwo kì í dínkù tó ti ìta gbangba.

ÀKÀNBÍ: Ó kù kan. Ìyá tíṣà ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ní kó máa sinmi. Bó bá jẹ́ pé àìsàn ìyá ló sọ ariwo di nǹkan ńlá, ẹjọ́ Robinson àti Kilvert ti 1889 ti pa á: bébà olùpẹjọ́ ló ń bàjẹ́ nínú ooru tí kò pa bébà mìíràn lára, ó sì pàdánù.

ÀṢÀKẸ́: Mi ò gbé ẹjọ́ mi lé ìyá. Tíṣà tó jí pépé ni mo gbé e lé. Bí èèyàn ṣákálá kò bá lè sùn, àìsàn ìyá kò dá ẹjọ́ náà sílẹ̀, kò sì bà á jẹ́.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí n fi kún un pé ìyá náà kò lè pe ẹjọ́ ìyọlẹ́nu lórúkọ ara rẹ̀, nítorí kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà ju pé ọmọ rẹ̀ gbà á lálejò. Tíṣà ní ẹ̀tọ́ nítorí pé òun ló háyà ilé. Ẹjọ́ Malone ti 1907 ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ Hunter ti 1997 sì tún un mú dúró.

Èrò tèmi ni pé Àṣàkẹ́ borí láti aago mẹ́wàá alẹ́ síwájú. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, Àkànbí ló jàre. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ronú pé a lè pín in báyìí. Wọ́n á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún gbogbo wákàtí, wọ́n á sì pàdánù máàkì.

ÀKÀNBÍ: Kí lo fẹ́ kí kóòtù ṣe nígbà náà? A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

ÀṢÀKẸ́: Mo fẹ́ kó pàṣẹ pé Ìyá Ẹlẹ́ja kò gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Ó tún fò. Àṣẹ tó gbòòrò bẹ́ẹ̀ gba ohun tó tọ́ sí obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Halsey ti 1961, lórí ariwo ilé epo kan ní òru, àṣẹ ìdádúró tí adájọ́ pa lórí ariwo ilé iṣẹ́ náà mọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Àpẹẹrẹ yẹn ló yẹ kí Àṣàkẹ́ tẹ̀ lé. Bí agbẹjọ́rò Ìyá Ẹlẹ́ja bá sì ní kí wọ́n gba owó dípò àṣẹ, ẹjọ́ Shelfer ti 1895 wà nílẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ti ń gbọn ilé ẹlòmíràn. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé owó lè rọ́pò àṣẹ bí ìpalára bá kéré, tó ṣeé fi owó wọ̀n, tí owó kékeré bá tó o, tí àṣẹ náà yóò sì ni olùjẹ́jọ́ lára jù. Pípàdánù oorun fún oṣù márùn-ún kò kéré, àṣẹ tó jẹ́ ti òru nìkan kò sì ní pa òwò ẹja.

Àkànbí àti Àṣàkẹ́ jọ kọ àṣẹ tí wọ́n máa bẹ̀bẹ̀ fún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí olùjẹ́jọ́ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ní ibi tó wà báyìí. Kó tún sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ 14. Bó bá fẹ́ tan án lóru rárá, kó jìnnà tó mítà 12 sí fèrèsé olùpẹjọ́, kí ariwo rẹ̀ ní fèrèsé náà má sì ju iye tí ẹni tó mọ̀ nípa ariwo bá fi ẹ̀rí gbè ní kóòtù. Kó san owó gbà-máà-bínú fún oṣù márùn-ún tó ti kọjá.

Iṣẹ́ tí ẹ ó mú lọ sílé nìyí. Ẹ yí ohun kan padà: lẹ́yìn lẹ́tà tíṣà, Ìyá Ẹlẹ́ja yí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí fèrèsé rẹ̀, ó sì ń tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná wà. Ẹ ka ẹjọ́ Christie àti Davey ti 1893, níbi tí olùjẹ́jọ́ ti ń lu àwo mọ́ ògiri láti fi bínú sí aládùúgbò tó ń kọ́ni ní orin. Kí ẹ wá kọ ọ́ fún mi ní ojú ìwé méjì: láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ tí mo fún Àkànbí, ta ló jàre báyìí?